Aránṣọ, àlùmọ́gàjí, àti gbólóhùn tí ilé-iṣẹ́ ò fẹ́ gbọ́ nínú fídíò

Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń bá àwọn tó ń ṣe fídíò wo lẹ́tà àti àdéhùn wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Obìnrin aránṣọ kan tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ó gbà kí n kọ ọ́ síta, bí mo bá ti fi orúkọ òun àti ti ilé-iṣẹ́ náà pamọ́.

Aṣọ obìnrin ló ń rán. Òun ló ń gé e, òun ló ń rán an, ọmọṣẹ́ kan péré ló sì ní. Tó bá di alẹ́, ó máa ń so fóònù rẹ̀ mọ́ òkè tábìlì tó fi ń gé aṣọ, á máa ya fídíò ọwọ́ rẹ̀, á sì máa ṣàlàyé ohun tó ń ṣe lédè Yorùbá. Àwọn tó ń tẹ̀lé e lé díẹ̀ ní 6,000. Ẹni tó bá fẹ́ èrò rẹpẹtẹ ò ní ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló ń ránṣọ, ohun tí wọ́n sì ń bi í lábẹ́ fídíò kò ju irinṣẹ́ lọ: àlùmọ́gàjí wo lò ń lò, ṣé ó lè gé jíìnsì, báwo lo ṣe ń pọ́n ọn? Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kó ronú pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta àlùmọ́gàjí lè sanwó kí òun fi fídíò dáhùn rẹ̀.

Ó ti kọ lẹ́tà kan sí ilé-iṣẹ́ márùn-ún kó tó wá bá mi. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́. Dìsáínà tó mọṣẹ́ dáadáa ni mí, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn fídíò mi gan-an. Ọ̀kan wà tí èèyàn 41,000 wò. Mo fẹ́ ká jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

Ohun méjì ló kọ́kọ́ hàn sí mi. Àkọ́kọ́, "ká jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀" lè túmọ̀ sí ohunkóhun: ó lè jẹ́ pé ọjà ọ̀fẹ́ ló ń wá, ó lè jẹ́ ẹ̀dínwó, ó lè jẹ́ iṣẹ́ oṣù. Ẹni tó ń ka ímeèlì ní ilé-iṣẹ́ ò ní ráyè jókòó máa ronú ohun tí àlejò ń fẹ́. Á kọjá lọ síbi èyí tó yé e.

Èkejì ni 41,000 yẹn. Mo ní kó fi iye èèyàn tó wo fídíò mẹ́wàá tó ṣe kẹ́yìn hàn mí. Mẹ́sàn-án wà láàárín 1,500 sí 3,100. Ìkẹwàá ni ti 41,000, fídíò ibi tí bọ́tìnì gbogbo ti já lára oníbàárà kan lójú kámẹ́rà tí gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Kò sí àlùmọ́gàjí nínú rẹ̀ rárá. Bí a bá da mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀ tí a pín in, á máa lọ sí nǹkan bí 6,000. Irọ́ kọ́, ìṣirò náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá sanwó tìtorí 6,000, tí wọ́n wá rí 2,000, wọ́n á gbà pé a rẹ́ àwọn jẹ. A to mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti kékeré dé ńlá, a mú èyí tó bọ́ sí àárín: nǹkan bí 2,200. Òun la lò.

Lẹ́yìn náà la jókòó kọ lẹ́tà kejì. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe lọ, yàtọ̀ sí orúkọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí, mo sì máa ń ṣe fídíò nípa bí a ṣe ń gé aṣọ. Láàárín oṣù méjì yìí, ẹni mọ́kànlá ti bi mí ní àlùmọ́gàjí tó dára fún aṣọ tó nípọn. Mo fẹ́ fi àlùmọ́gàjí yín oní-ínṣì mẹ́wàá dá wọn lóhùn nínú fídíò kan tí ẹ̀yin máa sanwó rẹ̀.

Fídíò náà ò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n ó kọ́kọ́ fi lo àlùmọ́gàjí náà níbi iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà, n ó fi gé oríṣi aṣọ mẹ́ta lójú kámẹ́rà. Bí ẹ bá to fídíò mẹ́wàá tí mo ṣe kẹ́yìn, èyí tó wà láàárín, nǹkan bí 2,200 èèyàn ló wò ó.

N ó sọ ọ́ lẹ́nu, n ó sì kọ ọ́ sójú fídíò, pé ẹ̀yin lẹ sanwó. Ohun tí mo bá rí nípa àlùmọ́gàjí náà ni n ó sọ. Bí mo bá ṣi nǹkan sọ nípa ìwọ̀n rẹ̀ tàbí irin tí ẹ fi ṣe é, ẹ lè tún un ṣe kí n tó gbé e jáde.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ̀ yín létí, ta ni kí n fi iye owó àti ọjọ́ ìparí rẹ̀ ránṣẹ́ sí?"

Ìpínrọ̀ kẹta yẹn la fi fa ọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà ná," ó ní, "ká tó wá sọ ti pé wọ́n sanwó." Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá ń fẹ́ ìpolówó tí kò jọ ìpolówó, ọjà ọ̀tọ̀ ló ń rà. Bí ó bá ti ṣírò owó tán kí a tó sọ fún un pé ọjà yẹn ò sí lórí àtẹ, lójú rẹ̀ a ti yí àdéhùn padà. Aránṣọ náà gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ túká. Ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kejì, ìdáhùn dé láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń bójú tó ọjà títà níbẹ̀. Ó ní àwọn ò ní owó nílẹ̀ fún fídíò, ṣùgbọ́n àwọn lè fi àlùmọ́gàjí méjì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní níwọ̀n bí kò ti sí owó ńbẹ̀, kò ní sí ìdí láti dárúkọ ìpolówó. Ó wá fi kún un pé bí àwọn bá tilẹ̀ wá owó lọ́jọ́ iwájú, ó dára kó ṣe bí ẹni tó lọ rà á fúnra rẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń sá tí wọ́n bá ti gbọ́ pé wọ́n sanwó.

Àbúrò mi fẹ́ gbà. "Àlùmọ́gàjí méjì kúkú kì í ṣe owó," ó ní. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti ń ṣìnà, nítorí náà mo jókòó ṣàlàyé fún un.

Ìlànà tí FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn tó ń rajà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń tẹ̀ lé lórí ọ̀rọ̀ báyìí, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2023, kò wo owó nìkan. Ohun tó ń wò ni bóyá àjọṣe kan wà láàárín ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ni ọjà, irú èyí tí òǹwòran kò ní retí, tí ì bá sì yí ọwọ́ tó fi mú ọ̀rọ̀ náà padà bó bá mọ̀. Owó wà nínú rẹ̀, ọjà ọ̀fẹ́ wà nínú rẹ̀, ìbátan tàbí iṣẹ́ oṣù náà sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ìpolówó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹ̀bùn kì í ṣe ohun téèyàn lè fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó bi mí pé kí ló kan òun pẹ̀lú òfin Amẹ́ríkà. Mo ní kó wo ibi tí àwọn tó ń wo fídíò rẹ̀ wà lójú àkáǹtì rẹ̀. FTC ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá ń gbé fídíò jáde láti ilẹ̀ mìíràn náà lè bọ́ sábẹ́ òfin àwọn, bó bá ti hàn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rajà ní Amẹ́ríkà. Òfin ibi tí èèyàn ń gbé gan-an wà níbẹ̀, ìlànà ojú òpó tó ń lò náà sì wà níbẹ̀. Èyí tó bá le jù nínú wọn ni kó tẹ̀ lé, kó lè sùn dáadáa.

Ní ti pé kó ṣe bí ẹni tó rà á, èyí tilẹ̀ burú ju pé kó dákẹ́ lọ. Irọ́ ni.

Lẹ́tà tó fi dáhùn kúrú:

"Ẹ ṣé tí ẹ dá mi lóhùn. Bó ṣe owó ni o, bó ṣe ọjà ọ̀fẹ́ ni o, ohun tí ẹ fún mi ni, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mi ò lè ṣe bí ẹni tó rà á. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà, torí bí wọ́n bá ń bèèrè ẹni tó fi ìpolówó pamọ́, wọ́n lè bi ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni fídíò yìí máa gbà mí, yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí n ó fi dán àlùmọ́gàjí wò, nítorí náà mi ò lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Gbólóhùn tí n ó sọ nìyí: 'Ilé-iṣẹ́ tó ń ta àlùmọ́gàjí yìí ló sanwó fún mi kí n ṣe fídíò yìí.' Lẹ́yìn rẹ̀, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá láìsí ìró kankan. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà yẹn, ó ń bi mí bóyá kí òun yọ gbólóhùn yẹn. Mo sọ fún un pé òun ló ni ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò ní bá a kọ èyí tí kò bá ní in.

Ọjọ́ kẹwàá ni ìyá tó ni ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pè é lórí fóònù. Lẹ́tà tó fi dáhùn yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ka gbólóhùn yẹn fún mi bí wàá ṣe sọ ọ́." Ó kà á. Kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lọ. Màmá rẹ́rìn-ín: "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn? Mo rò pé ẹ fẹ́ máa ka ìwé òfin fún àwọn èèyàn ni."

Bí mo bá ní kí n tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà, ibẹ̀ ni. Kì í ṣe òfin tí a mẹ́nu bà ló yí màmá lọ́kàn padà. Ohun tí ọkùnrin tó ń ta ọjà àti ọ̀gá rẹ̀ ń bẹ̀rù jẹ́ nǹkan tí wọn ò tíì gbọ́ rí. Wọ́n rò pé á gùn, pé á tini lójú, pé á dà bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Nígbà tí gbólóhùn náà wà níwájú wọn bó ṣe máa rí gẹ́lẹ́, kò sí ohun tó ń bani lẹ́rù nínú rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà yẹn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ "n ó sọ pé ìpolówó ni" sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ́. Gbólóhùn gan-an ni kó kọ.

Wọ́n fọwọ́ sí owó. Ìdajì wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì yòókù ní ọjọ́ tí fídíò bá jáde, iye ọjà tí wọ́n bá tà kò sì kan án. Ilé-iṣẹ́ tún sanwó lọ́tọ̀ kí wọ́n lè lo fídíò náà lójú òpó tiwọn fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ fi ọkàn sí ìlà yẹn, a ó padà síbẹ̀.

Nígbà ìdánwò, ìṣòro kékeré kan yọ. Ara páálí àlùmọ́gàjí náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń gé ìpele jíìnsì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Lọ́wọ́ tirẹ̀, mẹ́rin lọ geere. Ní ẹ̀karùn-ún, ojú irin méjèèjì ya díẹ̀ kúrò lára wọn, aṣọ ìsàlẹ̀ sì sún. Ní ẹ̀kẹfà, ó ń jẹ aṣọ náà bí eku ni. Ó ya á ní fídíò, ó fi ránṣẹ́ sí màmá. Agéṣọ tiwọn náà dán an wò, ó sì gé mẹ́fà, ṣùgbọ́n jíìnsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló lò. Wọ́n fẹnu kò pé "mẹ́rin, jíìnsì tèmi nípọn" ló máa sọ. Ẹni tí wọ́n sanwó fún kò lè ròyìn ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Nígbà tí wọ́n wo fídíò náà kó tó jáde, ọkùnrin tó ń ta ọjà tún ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ó ní kí ó yọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wà lójú fídíò, "Ìpolówó ni: wọ́n sanwó fún mi", kó fi `#sp` kékeré sí ìsàlẹ̀ dípò rẹ̀. Ta ló mọ ohun tí `#sp` ń jẹ́? Ìkékúrú `sponsored` ni, ìyẹn pé wọ́n sanwó. FTC dárúkọ irú ìkékúrú yẹn gan-an lára ohun tí kò yéni. Wọ́n tún sọ pé èdè tí èèyàn fi yin ọjà ni kó fi sọ pé wọ́n sanwó. Ẹni tó fi Yorùbá ṣe fídíò ìṣẹ́jú méjì, tó wá fi ìkékúrú Gẹ̀ẹ́sì jẹ́wọ́ owó, kò tíì jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà dúró.

Ó tan àmì `Paid partnership` lórí Instagram, ó sì fàmì sí àpótí rẹ̀ lórí YouTube, èyí tó máa ń gbé `Includes paid promotion` jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá níbẹ̀rẹ̀ fídíò. Àwọn àmì wọ̀nyí dára, ojú òpó sì ń béèrè wọn, ṣùgbọ́n a ò fi wọ́n rọ́pò ohun tó sọ lẹ́nu. Ẹni tó bá ń gbọ́ láìwò ò ní rí àmì kankan, ẹni tó sì pa ohùn fóònù rẹ̀ ò ní gbọ́ gbólóhùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹnu àti ojú fídíò. Ní ti ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò, ibi tí àwọn míì ń fi ìkéde yìí sí, èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ `more` kó tó rí i, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ò sì pọ̀.

Èèyàn bí 2,600 ló wò ó. A wo àwòrán tó ń fi ibi tí òǹwòran ti sá lọ hàn: ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn fídíò rẹ̀ tí kò ní owó nínú. Fídíò kan ò tó ẹ̀rí, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ bá ilé-iṣẹ́ bí ẹ̀rí. Ó kàn fi ọkàn màmá balẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òǹwòran kan fi àwòrán ojú fóònù ránṣẹ́ sí i. Ojú òpó ilé-iṣẹ́ náà ni. Wọ́n ti gé ogún ìṣẹ́jú-àáyá jáde láti àárín fídíò, ibi tí àlùmọ́gàjí ti ń la jíìnsì mẹ́rin kọjá tó sì ń sọ pé ó dùn mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹnì kan bèèrè nísàlẹ̀ pé, "Ṣé oníbàárà yín nìyí?" Wọ́n dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni o."

Gbólóhùn tí a tìtorí rẹ̀ jà fún ọjọ́ mọ́kànlá ti pòórá. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún àkọ́kọ́ ló wà, ọ̀rọ̀ ojú fídíò náà sì kúrò ní ìkẹfà. Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó òpó wọn ló gé ibi tó dùn ún wò, ẹlòmíì ló sì dáhùn ìbéèrè láìmọ bí fídíò ṣe dé ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá wo àdéhùn náà á rí i pé wọn ò ṣẹ̀ ẹ́: a kọ ọ́ pé wọ́n lè lo fídíò náà fún ọgbọ̀n ọjọ́, a ò sọ pé wọn ò lè gé e. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, èmi ni mo wo ìwé náà kó tó fọwọ́ sí i. Mo tilẹ̀ rò pé lójú òpó ilé-iṣẹ́, gbogbo èèyàn mọ̀ pé ìpolówó ni. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ń polówó ọjà rẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé aránṣọ tó ń yin ọjà náà gba owó.

Màmá ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì tún ìdáhùn wọn ṣe. Àbúrò mi tún fídíò náà gbé jáde fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà wà lójú fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lókè lápá òsì. Ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni orúkọ àkáǹtì àti àwọn bọ́tìnì ojú òpó máa ń bò mọ́lẹ̀, a sì rí i lórí fóònù ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé ohun tó bá wà níbẹ̀ ò ṣeé kà. Ibikíbi tí ẹnikẹ́ni bá ti gé fídíò náà báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn á bá a lọ.

Lẹ́tà rẹ̀ yí padà pẹ̀lú. Lẹ́yìn gbólóhùn tó máa sọ lẹ́nu, ó fi èyí kún un: "Bí ẹ bá máa lo fídíò náà tàbí apá kan nínú rẹ̀ níbòmíràn, ọ̀rọ̀ pé ẹ sanwó gbọ́dọ̀ wà nínú apá náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bèèrè ẹni tí mo jẹ́, ẹ sọ fún wọn pé ẹ sanwó fún mi."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta òwú. Wọ́n dáhùn pé àwọn ò fẹ́ irú fídíò tó máa ń sọ pé wọ́n sanwó. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni ìdáhùn náà gbà. Ó fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíì kó tó di alẹ́.